Kí n tó kọ iye owó sínú ìwé àbá, mo máa ń wá ibi tí owó ti dọ́gba

Ilé ìfọṣọ ni mo ní n'Ìbàdàn. Aṣọ àwọn ará àdúgbò la ń fọ̀ tẹ́lẹ̀, títí kan aṣọ òde tí wọ́n bá gbé wá lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn àríyá. Nígbà tí ilé ìtura kan tó ní yàrá 24 ní kí n kọ ìwé àbá wá, pé kí n máa kó bẹ́díṣíìtì àti táwẹ́ẹ̀lì wọn láràárọ̀ kí n sì máa dá wọn padà lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ tuntun gbáà ni fún mi. Àwọn onífọṣọ míì tí mo bi léèrè sọ pé ₦1,500 ni wọ́n ń gbà lórí sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn bẹ́díṣíìtì méjì, aṣọ ìrọ̀rí méjì àti táwẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Wọ́n ní kí n kọ ₦1,400 kí iṣẹ́ náà lè bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ ohunkóhun. Ẹni tó ní kànga nínú ọgbà rẹ̀ àti ẹni tó ń ra omi táńkà kì í ná iye kan náà lórí aṣọ kan náà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye sẹ́ẹ̀tì tí mo gbọ́dọ̀ fọ̀ lóṣù kí owó tó wọlé tó lè bá owó tó jáde dọ́gba. Ẹ̀yìn ìyẹn ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Mo pín ìnáwó sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí yóò jáde lóṣù yálà aṣọ wá tàbí kò wá. Èkejì ni èyí tó ń tẹ̀lé sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: bí kò bá sí sẹ́ẹ̀tì, kò ní sí ìnáwó yẹn.

Ẹni tó bá rò pé pípín yìí rọrùn, kí ó wo owó ọkọ̀. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí mo bá dúnàá-dúrà gba ₦2,000 fún àlọ àti àbọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pín in sórí sẹ́ẹ̀tì 20, wọn á ní ₦100 lọkọ̀ ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rárá o. Sẹ́ẹ̀tì 5 ni o, sẹ́ẹ̀tì 20 ni o, ₦2,000 náà ni yóò gbà, torí pé ojoojúmọ́ ni a ṣèlérí pé a máa wá. ₦60,000 lóṣù nìyẹn, ó sì wà lára owó tí kì í yẹsẹ̀. Owó ẹ̀rọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá tí mo ra nítorí iṣẹ́ yìí jẹ́ ₦1,800,000. Mo fún un ní ọdún mẹ́ta kó tó gbó, mo pín owó náà sí oṣù 36, ó sì jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Kò sẹ́ni tí mò ń san án fún, àmọ́ bí mi ò bá kà á, nígbà tí ẹ̀rọ bá kú ni yóò tó yé mi pé mo ti ń jẹ owó rẹ̀ mọ́ èrè.

Mo gba òṣìṣẹ́ méjì kún àwọn tó wà nílẹ̀, ₦80,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó fi díẹ̀ ju ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dún 2024. Yàrá kékeré tí mo fi kún ṣọ́ọ̀bù, níbi tí aṣọ ilé ìtura kò ti ní dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ará àdúgbò, jẹ́ ₦30,000. Àtúnṣe ẹ̀rọ àti owó fóònù jẹ́ ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ ₦320,000. Mi ò fi owó ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ sí i, torí mo ń san án tẹ́lẹ̀, n ó sì máa san án náà bí ilé ìtura ò bá gba àbá mi. Tó bá di ọjọ́ tí aṣọ ilé ìtura bẹ̀rẹ̀ sí í lé aṣọ aládùúgbò kúrò nílẹ̀, ó di dandan kí iṣẹ́ ilé ìtura náà gbé nínú owó ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ní ti ìnáwó tó ń tẹ̀lé sẹ́ẹ̀tì, mi ò fojú bù ú. Mo yá sẹ́ẹ̀tì 20 lọ́wọ́ wọn, àwọn tí àlejò ti sùn sí gan-an, mo sì fọ̀ wọ́n bí ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó tan jẹnẹrétọ̀, a rọ epo bẹntiróòlù kún táńkì rẹ̀ títí dé ẹnu. Nígbà tí a fọ̀ tán, tí a gbẹ wọ́n, tí a lọ̀ wọ́n, a tún rọ ọ́ dé ẹnu: lítà 10 ló wọlé. Ní ₦960 lítà kan, ₦9,600 nìyẹn, ₦480 lórí sẹ́ẹ̀tì kan. Mo ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé kò ní síná rárá, torí pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ aṣọ wọn, NẸ́PÀ kò sì bá mi tọwọ́ bọ̀wé. Ọṣẹ àti oògùn àbààwọ́n jẹ́ ₦220, omi ₦90, ọ̀rá ìdìaṣọ ₦110. Nínú àwọn 20 yẹn, a ní láti fọ méjì lẹ́ẹ̀mejì nítorí àbààwọ́n àtíkè àti epo ìpara, ọṣẹ àti epo àfọ̀tunfọ̀ yẹn sì ti wà nínú iye tí mo kọ yìí. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦900.

Ó wá kù ká fi ₦1,500 tí àwọn onífọṣọ yẹn ń gbà wò ó. Bí ₦900 bá kúrò, ₦600 ló kù lórí sẹ́ẹ̀tì kan láti fi gbé ₦320,000. ₦320,000 ÷ ₦600 jẹ́ 533 àti díẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀tì 534 lóṣù, bíi 18 lóòjọ́.

Ṣé ilé ìtura náà lè mú 18 wá lóòjọ́? Màńíjà wọn ní yàrá wọn máa ń kún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n rí ìwé tí àwọn tó ń tọ́jú yàrá ń kọ iye aṣọ tí wọ́n pààrọ̀ sí. Lópin ọ̀sẹ̀, ó ń tó 18, ó tún ń jù ú lọ nígbà míì. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 péré. Tí a bá pín in kárí, 12 lóòjọ́ ni, 360 lóṣù. Ní ₦1,500, sẹ́ẹ̀tì 360 yóò kó ₦216,000 sílẹ̀ fún ìnáwó tó jẹ́ ₦320,000. ₦104,000 ni n ó máa fi kún un látinú àpò ara mi lóṣooṣù, pẹ̀lú bí iṣẹ́ ṣe ń wọlé tó.

Torí náà, mo yí ìṣírò náà po. Dípò kí n mú iye owó kí n sì wá iye sẹ́ẹ̀tì, mo mú sẹ́ẹ̀tì 360 tí mo rí nínú ìwé, mo wá iye owó. ₦320,000 tí a pín sí 360 jẹ́ ₦889. Bí a bá fi ₦900 kún un, ó di ₦1,789. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti máa dìde kúrò nídìí ọ̀rọ̀. Mo kọ ₦2,000 sínú ìwé àbá. Ní iye yẹn, ₦1,100 ló ń ṣẹ́kù lórí sẹ́ẹ̀tì kan, sẹ́ẹ̀tì 291 ló sì ń gbé owó dọ́gba. Tí 360 bá wá pé, èrè oṣù jẹ́ ₦76,000.

Ìdúnàá-dúrà ló wá fi hàn mí pé ìṣírò yìí kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ká pa ìwé dé.

Màńíjà ní, “Màdáámù, ₦2,000 ti pọ̀ jù. Àmọ́ tí ẹ bá lè máa wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, a lè gbà.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àbí? Iye owó tí mo fẹ́ ni wọ́n fẹ́ san. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀,” mo yọ ẹ̀rọ ìṣírò. Ọkọ̀ kejì jẹ́ ₦60,000 míì lóṣù. ₦320,000 di ₦380,000, sẹ́ẹ̀tì 291 sì di 346. Nínú 360 tí mo ń retí, 14 péré ló kù tí yóò jẹ́ èrè, ọ̀sẹ̀ kan tí àlejò bá fà sẹ́yìn ti jẹ ẹ́ tán. Mo dáhùn pé a ó wá nírọ̀lẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ nìkan, wọn á sì san owó ọkọ̀ yẹn lọ́tọ̀. Ó gbà.

Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí aṣọ kò bá tó 300 lóṣù, owó 300 náà ni wọn yóò san. Mi ò wá èrè níbẹ̀. Ní 300, ₦10,000 ló ń kù. Nítorí oṣù Ààwẹ̀ ni mo ṣe fi sí i, torí màńíjà fúnra rẹ̀ ló sọ pé yàrá máa ń ṣófo lásìkò yẹn. Mo wá fi ohun kan tù ú nínú: èyíkéyìí tó bá lé ní 450, ₦1,600 ni. Sẹ́ẹ̀tì tó bá dé lẹ́yìn tí owó ti dọ́gba kò ná mi ju ₦900 lọ, ₦700 sì ń kù sí mi lọ́wọ́. Òun rí i bí ẹ̀dínwó ńlá. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó dé o. Ẹ̀rọ wa àti àwọn ọmọ méjì yẹn kò lè ṣe ju 25 lọ lóòjọ́. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni kẹta gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ₦80,000 rẹ̀, ìṣírò á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Epo bẹntiróòlù nìkan ló ṣì ń bà mí lẹ́rù. Kò sẹ́ni tó gbàgbé bí owó epo ṣe fò sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023. Bí epo bá fi ìdá mẹ́ta kan gbówó lórí, ₦480 yóò di ₦640, ₦940 ni yóò máa kù lórí sẹ́ẹ̀tì, ibi ìdọ́gba yóò sì di 341. Ìyẹn ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé àbá pé oṣù mẹ́ta ni iye owó yìí yóò fi dúró, àti pé bí lítà epo bá kọjá ₦1,100, a ó tún un sọ.

Ohun kan wà tí ìṣírò ìdọ́gba kì í rí rárá, ìyẹn ọjọ́ tí owó máa wọlé. Òpin oṣù ni wọ́n fẹ́ máa san. Nígbà yẹn, mo ti ná ₦320,000 àti ₦324,000 tó bá sẹ́ẹ̀tì 360 rìn. Tí mo bá yọ ₦50,000 ẹ̀rọ tí mo ti san tẹ́lẹ̀, ₦594,000 ni n ó ti gbé kalẹ̀ kí n tó rí kọ́bọ̀ gbà. Iṣẹ́ tó ń jèrè lórí ìwé lè ti ṣọ́ọ̀bù pa báyìí. A fẹnu kò sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Látìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń kọ iye sẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ sí. Sẹ́ẹ̀tì 291 lóṣù túmọ̀ sí 97 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ọjọ́ kẹwàá bá dé tí a kò tíì pé 97, mo máa ń pe màńíjà láti mọ̀ bóyá àlejò ló dín kù, tàbí wọ́n ń fi ọwọ́ fọ díẹ̀ nínú aṣọ náà lẹ́yìnkùlé kí owó wa má baà pọ̀.