Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí tábìlì máàkì: ẹ̀yin tíṣà tuntun, ẹ wá gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ tíṣà, mo mọ̀ pé bí táàmù bá ti ń parí lọ báyìí, wọ́n á ti gbé kọ̀ǹpútà lé púpọ̀ nínú yín lọ́wọ́ pé ìwọ lo kéré jù níbí, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà, jọ̀ọ́ bá wa ṣe rìsọ́ọ̀tì. Bí wọ́n ṣe gbé e fún èmi náà nìyẹn ní táàmù àkọ́kọ́ mi. SS1, kẹ́mísírì, ọmọ méjìlélógójì. Mo jókòó ti Excel lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣe tábìlì tó dùn ún wò, gbogbo àpótí ló ní nọ́ńbà, kò sí èyí tó gbé àṣìṣe kankan jáde, mo tẹ̀ ẹ́ síta, mo gbé e lọ sí sítáfùrúùmù láàárọ̀. Máàkì ọmọ kan ṣoṣo péré ló tọ̀nà nínú gbogbo ẹ̀, ti ọmọ tó wà lókè pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo ṣì ń rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn mi.

Ètò tá a ń lò ni pé tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan máa kó 10 wá, tẹ́ẹ̀sì sì jẹ́ méjì, asáìnmẹ́ǹtì kó 20, èsáàmù kó 60, àpapọ̀ ẹ̀ 100. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń kó wá yìí kọ́ ni iye tá a fi ń máàkì wọn o. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, orí 20 ni mo máàkì ẹ̀, ìkejì orí 30, asáìnmẹ́ǹtì orí 10, èsáàmù orí 100. Nọ́ńbà méjì ló ń tẹ̀lé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyẹn: iye tó pé, àti iye tó máa kó wọnú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó gba 24 nínú 30 ní tẹ́ẹ̀sì àti ọmọ tó gba 8 nínú 10 ní asáìnmẹ́ǹtì, bákan náà ni wọ́n ṣe dáa sí, ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀sì yẹn máa kó 8 wá, asáìnmẹ́ǹtì á kó 16. Tẹ́ ẹ bá kàn ro 24 pọ̀ mọ́ 8, ohun tẹ́ ẹ rò pọ̀ ò jọra wọn rárá.

Torí náà ìlà méjì ló gbọ́dọ̀ wà lókè kí orúkọ ọmọ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kọ iye tó pé sí ìlà kejì, mo á kọ iye tó ń kó wá sí ìlà kẹta, orúkọ àwọn ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹrin. Ẹ má kọ 30 tàbí 60 yẹn sínú fọ́múlà o, torí táàmù tó ń bọ̀ wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máàkì èsáàmù lórí 80, ẹ̀yin á wá máa wá ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí káàkiri.

```
     A             B    C    D    E
2    Iye tó pé     20   30   10   100
3    Iye tó ń kó   10   10   20   60
4    Bísí          14   24   8    52
5    Wálé          10   18   6    45
```

Fọ́múlà tí mo kọ síwájú Bísí nìyí, nínú òpó F:

```
=SUMPRODUCT(B4:E4/B2:E2,B3:E3)
```

Ohun tó ń ṣe ò le. Ó máa fi iye tó pé pín máàkì kọ̀ọ̀kan, á fi iye tó ń kó wá sọ èsì ẹ̀ di púpọ̀, á wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Fún Bísí, tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ kó 7, ìkejì kó 8, asáìnmẹ́ǹtì kó 16, èsáàmù kó 31.2, àpapọ̀ 62.2. Mo fi kakulétọ̀ ṣe é, ó tọ̀nà. Inú mi dùn, mo di etí àpótí yẹn mú, mo fà á wálẹ̀ títí dé ọmọ kejìlélógójì, mo lọ sùn.

Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní bàọ́lọ́jì, àgbà tíṣà ni, ó ti ń fi rúlà fa tábìlì sínú ìwé kí wọ́n tó bí èmi. Ó kàn wo ìwé tí mo tẹ̀ jáde yẹn báyìí, ó ní, “Wálé wo ló gba 98.6?” Mo ní Wálé wọn náà ni mà. Ó ní, “Wálé yìí? Lọ mú kakulétọ̀ wá.” A jọ ṣe é. Wálé gba 10 nínú 20, ìyẹn 5. Ó gba 18 nínú 30, ìyẹn 6. Asáìnmẹ́ǹtì 12, èsáàmù 27. Àádọ́ta géérégé lọmọ yẹn gbà.

Níbo wá ni 98.6 ti wá? Nígbà tẹ́ ẹ bá fa fọ́múlà wálẹ̀, gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì inú ẹ̀ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. B4 di B5, ìyẹn dáa, torí máàkì Wálé la fẹ́. Ṣùgbọ́n B2 náà di B3, B3 náà di B4. Ó wá jẹ́ pé iye tó ń kó wá ni kọ̀ǹpútà fi pín máàkì Wálé, ó sì fi máàkì Bísí sọ ọ́ di púpọ̀. 10 pín sí 10, lọ́nà 14, jẹ́ 14. 18 pín sí 10, lọ́nà 24, jẹ́ 43.2. Asáìnmẹ́ǹtì mú 2.4 wá, èsáàmù mú 39. Ẹ rò ó pọ̀, 98.6 ni. Láti orí ọmọ kẹta lọ, máàkì àwọn tó wà lókè ẹ̀ lọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò, ohun tó sì burú jù nínú ẹ̀ ni pé nọ́ńbà yẹn jọ máàkì gidi, 79 níbí, 66 lọ́hùn-ún, kò sí ohun tó máa pe ojú yín sí i. Ká ní ó gbé 4,000 jáde ni, mi ò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Dọ́là ni oògùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi àmì dọ́là síwájú nọ́ńbà ìlà, ìlà yẹn ò ní kúrò lójú kan:

```
=SUMPRODUCT(B4:E4/B$2:E$2,B$3:E$3)
```

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dúró ni pé kẹ́ ẹ lọ sórí àpótí òpó F ti ọmọ tó kẹ́yìn pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnnì F2. Excel máa kun àwọn àpótí tí fọ́múlà yẹn ń lò ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ìlà ọmọ yẹn, ìlà kejì, ìlà kẹta, àwọn nìkan ló yẹ kó ní àwọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ lórí ọmọ ẹlòmíì, ẹ dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpótí tó ṣófo ló kàn, ibẹ̀ gan-an ló sì le jù, torí kọ̀ǹpútà ò lè bá yín dá a rò. Ká ní Bísí ṣàìsàn lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì kejì, ó mú ìwé dókítà wá, iléèwé sì gbà á. Ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófo. Fọ́múlà tó wà lókè yìí máa ka òfìfo sí òdo, Bísí á bọ́ sí 54.2, ó sì jẹ́ pé inú 90 ló yẹ ká ti wò ó, torí kò sí ẹni tó bi í ní 10 tó kù. 54.2 nínú 90 jẹ́ 60.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú gíréèdì WAEC tí ọ̀pọ̀ iléèwé ń tẹ̀ lé, 54 jẹ́ C6, 60 sì jẹ́ C4. Ó fo C5 kọjá pátápátá nítorí àpótí kan ṣoṣo.

Ẹ lè ní kó fi àpapọ̀ iye àwọn iṣẹ́ tọ́mọ ṣe nìkan pín in:

```
=100*SUMPRODUCT(B4:E4/B$2:E$2,B$3:E$3)
 /SUMPRODUCT((B4:E4<>"")*B$3:E$3)
```

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún un o. Bọ́mọ ò bá wá sí èsáàmù rárá tẹ́ ẹ fi òfìfo síbẹ̀, 40 ni fọ́múlà yìí máa fi pín in. Bísí tó gba 31 nínú 40 ọ̀hún á di 77.5, A1, láìfojú kan bébà èsáàmù. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀. Òun ni mo ṣe máa ń fi `=IF(E4="","",` rọ́pò àmì `=` tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí n tó fi àkámọ́ kan kún ìparí, kí ẹni tí ò bá ṣe èsáàmù má ní àpapọ̀ kankan rárá títí ọ̀gá fi máa sọ ohun tá a máa ṣe.

Ohun tó wá yẹ kẹ́ ẹ fẹnu kò sí ṣáájú ni pé òdo kì í ṣe òfìfo. Ọmọ tó jókòó ṣe tẹ́ẹ̀sì tí kò rí nǹkan kan gbà, ẹ kọ 0. Ọmọ tó sá fún un láìnídìí, 0 náà ni bí òfin iléèwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lófo, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí ẹ̀ sí òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, torí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò sẹ́ni tó máa rántí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa nọ́ńbà rẹ́, Delete ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Àwọn kan máa ń tẹ bọ́tìnnì àlàfo tó gùn yẹn, ojú á rí i bí òfìfo, kọ̀ǹpútà á sì gbé `#VALUE!` jáde, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá. Bẹ́ ẹ bá kọ ABS sáàárín máàkì, ohun kan náà ló máa ṣe.

Ó ku ti gíréèdì, ìyẹn ò pẹ́. Ká ní 44.5 ni Wálé gbà ní èsáàmù, àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ 49.7. Tẹ́ ẹ bá ní kí Excel má fi ẹ̀yìn ojúàmì hàn, 50 ló máa hàn lójú, ṣùgbọ́n 49.7 ló ṣì wà nínú ẹ̀, gíréèdì á sì gbé D7 jáde. Bàbá ọmọ á wá mú káàdì wá, 50 àti D7, ti ọmọ aládùúgbò wọn 50 àti C6, kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Tó bá jẹ́ pé iléèwé yín máa ń sún máàkì sókè, ẹ fi `=IF(F4="","",ROUND(F4,0))` sí òpó G, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí gíréèdì máa wo G, kó má wo F mọ́.

Títí dòní, kí n tó tẹ rìsọ́ọ̀tì kankan jáde, mo máa ń fi kakulétọ̀ ṣe ti ọmọ mẹ́ta: ẹni tó kẹ́yìn lórí tábìlì, ẹni tó ní àpótí tó ṣófo, àti ẹni tí máàkì ẹ̀ sún mọ́ ẹnu ààlà gíréèdì, bí 49.7 ti Wálé yẹn. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé e fún tíṣà míì tó mọ àwọn ọmọ yẹn lójú, pé kó bá mi wò ó bóyá orúkọ kan wà tí máàkì ẹ̀ yà á lẹ́nu.