Dáírẹ́kítọ̀ Tí Kò Lè Ra Yíìsì

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń bójú tó ní bíkẹ́rì kan ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ló ń po fúláwà, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń kó o sínú páànù. Tèmi ni kí n rí i pé ààrò ò jó búrẹ́dì, kí n kà á kí ọkọ̀ tó gbé e lọ ní ìdájí, kí n sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Súpáfáísọ̀ ni wọ́n ń pè mí, orúkọ tó tóbi ju àṣẹ inú rẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí yíìsì tán, mo pe Màmá tó ni bíkẹ́rì títí, wọn ò gbé fóònù. Ìyá tó ń ta yíìsì ò jìnnà sí wa, owó sì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ta ló fún mi láṣẹ? Gbogbo wa jókòó ti fúláwà títí Màmá fi jí kírun àárọ̀.

Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn ń wá súpáfáísọ̀ fún kíṣìnnì wọn, wọ́n ní kí n mú lẹ́tà ìjẹ́rìí wá láti ibi iṣẹ́ mi. Màmá ò bínú. Wọ́n ní kí àbíkẹ́yìn wọn tó wà ní Yunifásítì tẹ̀ ẹ́, káwọn fọwọ́ sí i.

Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kéèyàn má máa tún ọ̀rọ̀ kan náà lò nínú lẹ́tà, kó lè dùn-ún kà. Torí náà, súpáfáísọ̀ ni mí ní ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tó débi tí mo ti ń ka búrẹ́dì, mo ti di máníjà. Níbi tó ti ń yin ìwà mi, mo di hẹ́ẹ̀dì. Ká tó dé ìparí, mo ti jẹ dáírẹ́kítọ̀. Kí ló wá kù fún Màmá? Ọmọ ti ná gbogbo oyè ńlá tán lórí mi. Lábẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ máa fọwọ́ sí, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Tíìmù Líídà. Màmá fọwọ́ sí i láìkà á, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wà lára àwọn tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wo lẹ́tà, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìpele 17 ni dáírẹ́kítọ̀. Irun mi ti funfun kí n tó dé 15. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, dáírẹ́kítọ̀ wo?"

Obìnrin tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ ní òun kì í tẹ̀ lé oyè, òun kàn máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. "Ta lo lè gbà síṣẹ́?" Kò sí. "Ta lo lè lé?" Mo rántí ọmọ tó sùn sórí àpò fúláwà, ẹjọ́ rẹ̀ ni mo lọ rò fún Màmá. "Èló lo lè ná láì kọ́kọ́ béèrè?" Yíìsì wá sí mi lọ́kàn. Mo dákẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Súpáfáísọ̀ ni ọ́, ẹni tó ń wo iṣẹ́ kó lè lọ déédéé. Máníjà ló sábà máa ń lágbára láti gba èèyàn àti láti náwó. Tíìmù líídà kàn wà níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni, ó lè má láṣẹ kankan lórí wọn." Ó na ìka sí nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́tà. "Dáírẹ́kítọ̀ kọ́ rárá. BN ni wọ́n kọ síbí, orúkọ òwò ni wọ́n fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti iléeṣẹ́ sílẹ̀. Olówò ló ń ní, kì í ní dáírẹ́kítọ̀. Iléeṣẹ́ tí nọ́ńbà ẹ̀ bá jẹ́ RC, ìyẹn kọ́ńpínì, ló ń yan dáírẹ́kítọ̀."

Bàbá ò tíì kúrò níbi tí wọ́n wà. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́rìí ta níbí? Tíìmù líídà ló ń bá dáírẹ́kítọ̀ wá iṣẹ́?"

Wọ́n ní kí n lọ gba òmíràn wá.

Mo rò pé orí oyè tèmi ni ìjà máa wà nílé. Rárá o. Màmá fi awò sójú, wọ́n fo gbogbo ohun tó wà lókè, ìsàlẹ̀ ni ojú wọn balẹ̀ sí. "Tíìmù kí ni? Èmi tí mo ta góòlù ọrùn mi ra míkísà!"

Ọmọ ní ẹni tó ṣáájú làwọn òyìnbó ń pè ní líídà.

"Mo ṣáájú ta? Èmi àti ta la jọ ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Nínú lẹ́tà kejì, súpáfáísọ̀ ni mí láti òkè délẹ̀. Kò dùn-ún kà rárá, hòtẹ́ẹ̀lì sì gbà á. Pùròpìráítọ̀ ni Màmá, wọ́n sì dúró ti ọmọ títí ó fi sọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn ọmọ iṣẹ́ alẹ́. Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà: "Dáírẹ́kítọ̀ sà, ẹ fi nǹkan kún owó wa!"

Màmá tí kì í fi ẹ̀yin pè mí láyé yọjú láti inú ilé. "Dáírẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó kó fúláwà wá lánàá wà níta, owó ẹ̀ ló ń béèrè. Ẹ dákun, ẹ bá wa dá a lóhùn."