Nóòtì onílẹ́tà 175: ohun tí ọdún yìí fi yé mi

Mo ní ìwé pélébé kan tí mo ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo fi rikúẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí lórí LinkedIn láti oṣù Kíní. Alẹ́ àná ni mo jókòó tì í. Èèyàn 22 ló wà níbẹ̀. Ìlà tí mo fà sábẹ́ oṣù Kẹfà pín wọn sí méjì: àwọn 13 tí mo kàn sí kí n tó gbọ́n, àti àwọn 9 ìyókù. Nínú àwọn 13, àwọn mẹ́ta ló gbà mí, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Nínú àwọn 9, márùn-ún gbà mí, mẹ́ta sì dáhùn. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé èèyàn 22 kéré láti fi búra. Bẹ́ẹ̀, fínnífínní ni mo yan àwọn ti ìkẹyìn, kì í ṣe nóòtì tí mo ń kọ mọ́ rikúẹ́ẹ̀sì nìkan ló yí padà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní sísọ.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Yábàá tó ń ṣe ètò orí fóònù tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń kọ ọjà tí wọ́n tà sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni iṣẹ́ wọn ti ń wù mí. Oṣù Kẹta ni mo bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin, wọ́n kéde àyè kan fún ẹni tí yóò máa tú dátà wò. Mo wá ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka náà, nítorí òun ni ẹni tuntun náà yóò máa jíṣẹ́ fún, kì í ṣe àwọn ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tó ń kó síífíì jọ. Obìnrin ni. Orúkọ rẹ̀ hàn láàárín orúkọ púpọ̀ níbi tí mo ti ń wá a lórí LinkedIn, “Connect” tí a fi ń fi rikúẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ lófìfo, láìsí nóòtì.

Jìnnìjìnnì bò mí. Mo lọ síbi tí àwọn tí mo ti fi ránṣẹ́ wà, mo tẹ “Withdraw”, mo rò pé mo máa tún un kọ kíá. N kò ka ohun tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá fa rikúẹ́ẹ̀sì padà lè dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹni yẹn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn àyè náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ìwé ẹni náà gan-an ni mo máa ń ṣí kí n tó tẹ ohunkóhun, mo sì máa ń dúró kí n rí “Add a note”. Bí “Follow” ló bá wà níwájú, mo máa wo abẹ́ “More”, ibẹ̀ ni “Connect” máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ń gba èèyàn síṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ló wá ràn mí lọ́wọ́. Mo ka nóòtì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyí: “Ẹ káàárọ̀ mà, mo lérò pé ọ̀rọ̀ yìí bá yín ní àlàáfíà ara. Orúkọ mi ni báyìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wà.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, àyè lẹ́tà mélòó ni wọ́n fún ẹ?”

“200, ẹ̀gbọ́n. N kò sanwó.” Tí èèyàn bá ń sanwó, 300 ni, ti ọ̀fẹ́ ò ju 200 lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kò sanwó fi nóòtì púpọ̀ ránṣẹ́ lóṣù kan. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ àti àmì ìdánudúró wà nínú rẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ fi àmì ohùn kí èèyàn ní Yorùbá pípé, kó mọ̀ pé wọ́n lè ka lẹ́tà “ọ̀” kan ṣoṣo sí méjì. Ìwà ọmọlúàbí wọ́n níbẹ̀ yẹn!)

“O ti fi ìdajì rẹ̀ kí i. Orúkọ rẹ sì ti wà lókè nóòtì, ìlà tó sọ ohun tí o ń ṣe sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí lo tún ń wí? ‘Iṣẹ́ èyíkéyìí’ ńkọ́? Kò ní èyíkéyìí. Àga kan ló ní.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, nítorí ilé wa la ti ń kí ara wa kí á tó sọ ohun tó gbé wa wá. N kò jáwọ́ nínú kíkíni. Mo gé e kúrú ni.

Lóṣù Kẹfà ni ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni bí àwọn oníṣòwò ṣe ń dẹ́kun kíkọ ọjà wọn sílẹ̀. Mo fò dìde. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lé ìyá aláta 40 ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn. Mo fún wọn ní ìwé kí wọ́n máa kọ iye tí wọ́n tà. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe ọjọ́ kan ṣá ni wọ́n ń fò. Ọjọ́ tí ọjà bá tà jù gan-an ni, nítorí ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀. Tí o bá wá ṣírò iye tí wọ́n ń tà lójúmọ́ láti inú èyí tó kù, yóò kéré ju bó ṣe rí lọ.

Nóòtì oṣù Keje nìyí, ní Yorùbá: “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ sọ lóṣù Kẹfà pé àwọn oníṣòwò ń dẹ́kun kíkọ ọjà wọn. Mo rí i lọ́dọ̀ aláta 40 ní Bódìjà: ọjọ́ tí ọjà tà jù ló ń sọnù. Mo fẹ́ máa tẹ̀lé iṣẹ́ yín.” Ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ ọ́, lẹ́tà 175 ni. N kò tọrọ iṣẹ́, n kò fi síífíì mọ́ ọn. Mo sì yí ìlà abẹ́ orúkọ mi padà, kúrò ní “ẹni tó ń wáṣẹ́”, sí ohun tí mo ń ṣe: títú dátà ọjà kéékèèké.

Ọjọ́ kejì ló gbà mí. Ní ọjọ́ kẹrin ó bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo: “Kí lo ṣe sí àwọn ọjọ́ tó sọnù?” Ibẹ̀ ni mo rí i pé nóòtì tí kò bá ní ohun tí wọ́n lè bi èèyàn lé lórí kò lè bí ìdáhùn. Mo dá a lóhùn ní ìlà márùn-ún pẹ̀lú àwòrán ìṣirò kan: mo padà lọ bi àwọn ìyá wọ̀nyí nípa iye àpò ata tí wọ́n já ní àwọn ọjọ́ yẹn, mo fi ṣe ìfojúbù. Ó ní ọ̀nà náà ní àbùkù, ó sọ àbùkù rẹ̀, ó sì pè mí lórí fóònù fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Kò fún mi níṣẹ́. Ẹlòmíràn ti wà lórí àga oṣù Kẹrin. Ó tún là á fún mi pé òun ò lè mú ẹnikẹ́ni wọlé láìjẹ́ pé ó kọ̀wé sí ojúlé iṣẹ́ wọn bíi ti gbogbo ayé. Ohun tí òun lè ṣe ni pé kí n sọ fún òun lọ́jọ́ tí mo bá kọ ọ́, kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi ìlà kan ránṣẹ́ pé àyè kan máa yọ lóṣù Kíní. Mo ń tún dátà Bódìjà ṣe báyìí, mo ń yọ àwọn àṣìṣe tí mo fojú fò nígbà tí mo ń sáré parí yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláta náà pè mí láàárọ̀ yìí láti kí mi kú ọdún. Ó ní òun ò tíì fi ìwé yẹn sílẹ̀, ó ti kún, kí n mú òmíràn wá tí n bá ń bọ̀.