Ẹ bá abánidíje dọ́gba, ẹ má gé e: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí owó ọjà padà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ títa ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Àjàṣẹ́ níbí, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlànà kan wà tó máa ń kọ́kọ́ wá sí gbogbo wa lọ́kàn tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé owó àwọn abánidíje lé wa lọ́wọ́. Òun ni: “Iye yòówù tí ẹni yẹn bá pè é, kí tèmi fi ọgọ́rùn-ún sẹ́fà kéré sí i.” Gígé abánidíje nìyẹn; ẹ má kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yín.

Ẹ jẹ́ ká mú fìtílà sólà kan wò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ (8,000) sẹ́fà ni a rà á. Páálí rẹ̀ àti owó sẹ́mìjàn tó máa gbé e dé ilé oníbàárà jẹ́ 800, àpapọ̀ 8,800. Ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń tà á ń gba kọmíṣọ̀n ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tí a bá tà á. Tí a bá tà á ní 13,000, kọmíṣọ̀n á gba 1,560, èrè tó kù fún wa jẹ́ 2,640.

Wàyí o, ẹlòmíì náà ń ta irú fìtílà yìí, ẹ̀rọ tirẹ̀ náà sì ní ìlànà ọgọ́rùn-ún sẹ́fà yẹn. Tiwa bọ́ sí 12,900, tirẹ̀ bọ́ sí 12,800, tiwa tún bọ́ sí 12,700. Bí ọ̀kan bá ń yí padà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí márùn-ún péré ni a ó fi dé 11,000. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín òru, kí àkùkọ tó kọ, ó ti parí. Ní 11,000, èrè wa jẹ́ 880. Ìyẹn ni pé fìtílà mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ tà ká tó rí èrè tí ẹyọ kan ń mú wá tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye èèyàn tó ń wá fìtílà ní Àjàṣẹ́ kò di ìlọ́po mẹ́ta mọ́jú. Èmi àti ẹni kejì la jọ pàdánù, oníbàárà tó sùn lóru yẹn kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìlànà tí mo ń lò ni pé ká bá a dọ́gba, ká má gé e. Tó bá wà ní 12,700, tiwa náà á lọ sí 12,700, á sì dúró. Tí ẹ̀rọ tirẹ̀ bá tún gé wa, tiwa kò ní sáré tẹ̀lé e: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ ni mo ń jẹ́ kó já owó wálẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 300 lọ. Ìyàtọ̀ tí kò bá tó 200, kó má dá a lóhùn rárá. Ṣùgbọ́n tí abánidíje bá gbé owó sókè, kí tiwa tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ tí a fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́ra ju èyí tí a fi ń gòkè lọ. Èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí ìjà owó gbiná, nítorí ẹ̀rọ tó bá ń gé ẹni tí kì í gé padà yóò tètè rí ibi dúró sí.

Ẹ tún wo ẹni tí ẹ̀ ń tẹ̀lé dáadáa. Ẹni tó wà ní Kútọnu lè pe tirẹ̀ ní 12,500, kó tún gba 1,000 kó tó gbé e dé Àjàṣẹ́. 13,500 ni owó rẹ̀, kì í ṣe 12,500. Ẹni tí ọjà ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó ń ta àlòkù, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń wò.

Ọ̀rọ̀ ààlà ìsàlẹ̀, iye tí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ já owó wa wálẹ̀ kọjá, ló kàn, ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń ṣini lọ́nà. Ká ní èrè tó kéré jù tí a lè gbà jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a tà á. Ọ̀pọ̀ máa ń da 12 pọ̀ mọ́ 8, wọ́n á wá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé 8,800, á di 10,560. Kò tọ̀nà, torí pé orí iye títà ni kọmíṣọ̀n àti èrè dúró lé, kì í ṣe orí iye tí a ná. Ní 10,560, èrè kò ju 493 lọ, kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Pípín ni ẹ máa pín in: tí ẹ bá yọ ogún kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rin ló kù, ìyẹn 0,8; òun ni ẹ máa fi pín 8,800. Nínú Excel elédè Faransé tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, PLAFOND ló ń sún èsì sókè dé ọgọ́rùn-ún tó kàn:

```
=PLAFOND(8800/0,8;100)
```

Ó máa fún yín ní 11,000. Tí owó tí ẹ fi ra ọjà bá yí padà, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà, nítorí ààlà tó ti pẹ́ kò yàtọ̀ sí àìní ààlà.

Tí abánidíje bá wá bọ́ sí 10,500 ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á gbé yín lẹ̀ mọ́ 11,000, wọ́n á sì fi yín síbẹ̀. Èyí ni mo kórìíra jù lọ nínú iṣẹ́ yìí: èrè wa ti kéré tó bó ṣe lè kéré tó, síbẹ̀ owó wa kò kéré ju ti ẹni yẹn lọ. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí ẹ̀rọ fojú fo ẹnikẹ́ni tó bá wà nísàlẹ̀ ààlà wa, kó tẹ̀lé ẹni tó kàn lókè rẹ̀. Tí kò bá sí ẹlòmíì, kó padà sí 13,000. Bí ẹni yẹn bá fẹ́ tú ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ká, yóò tà á tán, a ó sì máa tà lọ. Tó bá wá pẹ́ níbẹ̀ tí ọjà rẹ̀ kò tán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń rà á ní pọ́ọ́kú ju wa lọ. Ìyẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń bá wa ra ọjà ni ká lọ bá jókòó.

Ẹ má rò pé ààlà òkè kò pọn dandan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn òǹtàwé méjì lórí Amazon jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wo ara wọn lórí ìwé sáyẹ́ǹsì kan nípa eṣinṣin. Ọ̀kan ń fi tirẹ̀ sí ìlọ́po 0.9983 ti èkejì, èkejì sì ń fi tirẹ̀ sí ìlọ́po 1.270589 ti èkíní. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí i ká, owó náà ń fi bí ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, títí ó fi kọjá mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún dọ́là. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹ̀rọ kankan níbi tó yẹ kó dúró. Fún fìtílà wa, 14,500 ni mo fi ṣe ààlà òkè, nítorí pé ẹni tó bá lọ dúnàádúrà ní ọjà Wàndó lè rà á ní 14,000, a kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: kíka owó tí gbogbo ayé ń rí kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má pe abánidíje lórí fóònù pé kí ẹ jọ fi ẹ̀rọ di owó mú. Ní ọdún 2015, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń ta àwòrán ògiri lórí Amazon gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. UEMOA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà níhà wa, náà ní òfin tó lòdì sí i láti ọdún 2002.

Láràárọ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ọjà tí owó rẹ̀ bá ti já wálẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí iye tí à ń tà kò sì pọ̀ sí i, ìjà owó ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ dá a padà sí owó rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì máa wo bóyá ẹnì kejì á gbé tirẹ̀ sókè.