Ìwé àṣírí tí ọjọ́ rẹ̀ pé nígbà tí kajú ń wọlé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lọ́yà, òkun o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí kan kọ́ mi níbí, ní Kàbà. Ojú ewé méjì péré ni ìwé náà, èmi ni mo sì kọ ọ́.

Màmá kan ló jẹ́ oníbàárà mi. Ó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìyàrá, Ẹ̀kìnrìn-Àdẹ́ àti Ìyàmoyè, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọ. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó ní àwọn fẹ́ bá a dòwò pọ̀. Kí wọ́n tó lè mọ̀ bóyá òwò náà yóò ṣeé ṣe, màmá ní láti fi ìwé rẹ̀ hàn wọ́n, àwọn náà sì ní láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye owó wọn hàn án. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àdéhùn tọ̀tún-tòsì: ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní àṣírí, ó sì ń gba ti ẹnì kejì.

Àṣírí màmá wà nínú ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan. Tí wọ́n bá kó kajú dé láti abúlé kan, á mú kílò kan nínú rẹ̀, á gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, á wọn ọmọ inú rẹ̀ tó dára, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Sáà mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà sọ abúlé tí kajú rẹ̀ lọ́mọ nínú, èyí tó máa ń tutù jù, iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń mú lẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2021 ni a tọwọ́ bọ ìwé. Mo kọ ọ́ pé àṣírí yóò wà ní ìpamọ́ fún ọdún méjì, láti ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé. Inú ìwé àdéhùn àtijọ́ kan ni mo ti mú gbólóhùn yẹn, n kò sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ òwò náà ń falẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2023 ni màmá tó gbé ìwé kékeré náà fún wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àdéhùn parí ní ọjọ́ 28 oṣù kejì. Iṣẹ́ sáà mẹ́ta ní ààbò ọjọ́ 43 péré. Nígbà tí oṣù kẹta wọlé, tí kajú ń ya wá sọ́jà, àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ti wà ní àwọn abúlé tí màmá gbóríyìn fún jù nínú ìwé rẹ̀, wọ́n ń ná kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń tà fún un.

Màmá wá sí ọ́fíìsì mi, ó jókòó, ó ní, “Lọ́yà, ṣebí ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ lò ó?” Ìbéèrè yẹn dùn mí títí di òní.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Ìdáhùn wọn ní apá mẹ́ta. Wọ́n ní ọjọ́ àdéhùn ti pé. Wọ́n ní ẹnu àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀, ohun tí èèyàn bá sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn kì í ṣe àṣírí mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti dá ìwé padà, èyí tó jẹ́ òótọ́: ìwé kékeré náà padà wá láìya. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wọn kan ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìwé àdéhùn mi kò sì ní kí wọ́n dá ju “ìwé tí a gbà” padà.

Ti ọjọ́ ló rọrùn jù láti tún ṣe. Àkókò méjì ni ẹ ó kọ sílẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi máa fi nǹkan han ara wọn. Èkejì ni iye ìgbà tí wọn yóò fi pa ohun tí wọ́n rí mọ́, ọjọ́ tí a fi ohun kọ̀ọ̀kan hàn ni ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ká ní mo kọ ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ ìfihàn, ìwé màmá ì bá wà lábẹ́ ààbò di oṣù kìíní 2026. Fún ohun tí kì í tètè gbó, bí ọ̀nà tí ẹnìkan gbà ń ṣe nǹkan, ẹ lè kọ ọ́ pé ìpamọ́ náà kò ní parí níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ àṣírí. Ẹ̀gbẹ́ kejì máa ń jà sí èyí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ru ẹrù tí kò lópin.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró pẹ́ ni àwọn àyọsílẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tí ìpamọ́ náà kò kàn. Gbogbo ìwé àṣírí ló ní wọn: ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ láìjẹ́ pé olùgbà ló tú u, ohun tí olùgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, ohun tí ó fúnra rẹ̀ ṣàwárí láìwo tìrẹ. Wọ́n tọ́, kò sì sí ẹni tó yẹ kó tọwọ́ bọ̀wé láìsí wọn. Èmi kọ wọ́n ní ṣókí, mo sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ yẹn. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ kajú tirẹ̀ àti iye tó tà á, kò sì sí ohun tó ní kó má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ kan tó mọ ti gbogbo abúlé fún sáà mẹ́ta. Àkójọ yẹn gan-an ni àṣírí. Nítorí náà, gbólóhùn kan ló yẹ kó tẹ̀ lé àwọn àyọsílẹ̀: “Àkójọ kan kò di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nítorí pé a lè rí ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbòmíràn.” Ẹ fi èkejì kún un, pé ẹni tó bá gbé àyọsílẹ̀ kalẹ̀ ni yóò fi ìwé tó ní ọjọ́ lórí jẹ́rìí sí i. Ká ní mo ní méjèèjì ni, ǹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbẹ̀ wá.

Bí ilé ẹjọ́ tàbí ìjọba bá fi òfin béèrè àṣírí, olùgbà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, àmọ́ kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí olóhun bí òfin bá gbà á láyè, kí ó sì mú kìkì ohun tí wọ́n béèrè sílẹ̀.

Ní ti ìdápadà, ẹ kọ ẹ̀dà sí i, ẹ kọ àkọsílẹ̀ tí olùgbà fúnra rẹ̀ ṣe láti inú rẹ̀, ẹ kọ fọ́tò àti ohun tó wà lórí Wọ́sáàpù. Ẹ fún un ní iye ọjọ́, mẹ́rìnlá tó, láti ìgbà tí ẹ bá kọ̀wé béèrè. Ohun tí kò ṣeé dá padà ni yóò pa rẹ́, ọ̀gá kan níbẹ̀ yóò sì tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀rí pé ó ti ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ yóò sọ fún yín pé ẹ̀rọ wọn máa ń pa ẹ̀dà mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbà fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ̀dà náà ṣì wà lábẹ́ ìpamọ́ fún gbogbo ìgbà tó bá wà níbẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé tọ̀tún-tòsì ni. Nígbà tí mo bi màmá nípa bébà iye owó tí wọ́n fún un, ó ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ fún un. Ẹ ka ìwé náà fún oníbàárà yín títí yóò fi mọ ohun tí òun náà kò gbọdọ̀ ṣe.

A kò pe ẹjọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n gbà láti pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, ṣùgbọ́n sáà ti lọ. Ní 2024, màmá tún bá ẹlòmíràn jókòó, pẹ̀lú ìwé tí mo tún kọ. Òwò yẹn náà kò bọ́ sí i. A kọ̀wé béèrè, nǹkan rẹ̀ sì padà wọlé ní ọjọ́ kẹsàn-án pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó dárúkọ kọ̀ǹpútà méjì àti fóònù kan tí wọ́n ti pa á rẹ́ kúrò lórí wọn.