Àtẹ̀jíṣẹ́ Tísà Ọmọ Mi, àti Ohun Tí Mi Ò Rí Nínú Rẹ̀

Ní ọdún tí ọmọ mi obìnrin wà ní ìwé karùn-ún ni mo gba tísà lẹ́sìnnì kan fún un, kí ó máa wá kọ́ ọ ní ìṣirò nílé wa ní Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní sùúrù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Èyí tí ó kọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ọmọ yín ń gbìyànjú gan-an ni. Ó máa ń tẹ́tí sílẹ̀, ó sì gbọ́ràn. A ti bẹ̀rẹ̀ ìdá, ó sì ń yé e tí a bá jọ ṣe é. Tó bá túbọ̀ fọkàn sí i, yóò dára. Ẹ bá wa máa mójú tó iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ẹ ṣé mà."

Inú mi dùn. Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo kà á fún ìyá mi, gbogbo wa sì súre fún ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ìdánwò àárín táàmù nílé-ẹ̀kọ́ wọn, ọmọ mi sì gba 7 nínú 20. Nínú ìbéèrè mẹ́jọ tí ó jẹ mọ́ ìdá, ẹyọ kan ṣoṣo ló gbà. Mo fi ìbínú pe tísà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ má bínú mà. Mo ti sọ ọ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo kọ sí yín." Nígbà tí mo padà lọ kà á, mo rí i pé ó ti sọ ọ́, èmi ni mi ò gbọ́.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Tísà tí ó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, tí ó ń pè ọ́ ní mà, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni ó ti ń gba owó ní ìparí oṣù, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ gbalaja pé ọmọ rẹ kò mọ ìdá. Àbọ̀ ni yóò kọ. Èmi ni ó yẹ kí n sọ ọ́ di odidi, ṣùgbọ́n ìyìn inú rẹ̀ nìkan ni mo mú.

Ẹ jẹ́ kí á wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà bí mo ṣe ń wò ó báyìí. Gbólóhùn tí ó ní ó ń tẹ́tí sílẹ̀, ó sì gbọ́ràn, ìyìn tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyìn ìwà ni. Kò sọ ohunkóhun nípa ìṣirò. Mo ti wá ń ya ìyìn ìwà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyìn ìmọ̀, nítorí nígbà tí tísà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwà tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, ó máa ń jẹ́ pé ohun tí ó fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ kò dùn ún sọ. "Ń gbìyànjú" náà ńkọ́? Ẹni tí kò tíì dé ibi tí ó ń lọ ni a máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá ti dé, a ó ní ó ti mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni "ń yé e" yàtọ̀ sí "ti yé e". Èdè wa ti pààlà sí àárín méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú òbí máa ń fò ó, nítorí ohun tí à ń wá ni à ń rí.

Gbólóhùn tí ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni "tí a bá jọ ṣe é", òun sì ni mo sáré kọjá. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí mo fi fojú ara mi rí i. Ní alẹ́ ọjọ́ tí èsì ìdánwò dé, mo kọ ìbéèrè kan fún ọmọ mi lórí tábìlì ìjẹun: 3/4 + 1/6. Mo jókòó tì í. Ó kọ ìlà ìdá sílẹ̀, ó gbé bírò dúró, ó wá gbójú sókè wo ojú mi. Mo bi í pé, "Ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Áà, ẹ dúró, Mọ́mì." Ó wá nọ́ńbà tí 4 àti 6 lè pín láìṣẹ́kù, ó rí 12, ó sọ ìdá kìíní di 9/12, ó sọ èkejì di 2/12, ó sì kọ 11/12. Ó gbà á. Mo kọ òmíràn tí ó jọ ọ́, 2/3 + 1/5, mo sì lọ sí ilé ìdáná. Nígbà tí mo padà dé, 3/8 ni ó kọ. Ó ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀.

Mi ò bú u. Mo mú búrẹ́dì wá, mo fi ọ̀bẹ sàmì ìdá mẹ́ta sí i, mo ní kí ó fi ìka han ibi tí 2/3 dé. Ó fi hàn mí, ó sì kọjá ìdajì. Mo bi í bóyá 3/8 tó ìdajì. Ó rò ó, ó ní kò tó o. Mo ní, "A fi nǹkan kún un, ó wá kéré sí i?" Ó wo ìwé rẹ̀ títí.

Ohun tí tísà ń sọ nìyẹn. Ọmọ mi kò mọ ohun tí à ń kọ́kọ́ ṣe, ẹni tí ó jókòó tì í ni ó ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tì í sí ọ̀nà, yálà "Ìsàlẹ̀ ńkọ́?" tàbí "Ṣé ó dá ọ lójú?", ìyókù sì rọrùn fún un. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí ojú tí yóò wò. Nítorí náà, níbikíbi tí mo bá ti rí "tí mo bá rán an létí", "pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀", tàbí "tí ó bá fara balẹ̀" nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ìkìlọ̀ ni mo kà á sí, bó ti wù kí ìyìn tí ó yí i ká pọ̀ tó. Ìyìn tí ó ní "tí" nínú, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà lẹ́yìn "tí" náà.

Àṣìṣe kejì tí mo ṣe wà nínú èsì tí mo máa ń fún un. Lẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ pé, "Ẹ ṣé o. Ṣé kò sí wàhálà ṣá?" Kí ni ọmọlúàbí yóò dáhùn ju "Kò sí wàhálà mà" lọ? Lẹ́yìn ìdánwò yẹn ni mo yí ìbéèrè mi padà. Mo kọ́kọ́ fi dá a lójú pé òtítọ́ kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé mi ò ní torí ohun tí ó bá kọ lu ọmọ. Ó padà jẹ́wọ́ fún mi pé ìbẹ̀rù kejì yìí ló ń dí i lọ́wọ́ jù, nítorí ní ilé kan tí ó ti ṣe lẹ́sìnnì rí, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi na ọmọ. Mo wá bi í pé, "Nínú ìbéèrè mẹ́wàá tí ẹ kò bá a dá sí rárá, mélòó ló gbà, èwo ló sì máa ń ṣì jù?"

Èsì rẹ̀ kúrú: "Mẹ́ta sí mẹ́rin mà. Ó máa ń ro ìsàlẹ̀ pọ̀. Tábìlì ìsọdipúpọ̀ ti 6, 7 àti 8 kò tíì dúró lórí rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó fẹ́ wá nọ́ńbà tí ìsàlẹ̀ méjèèjì lè pín." Èsì kan ṣoṣo yìí sọ ibi tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. A fi ìdá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a fi tábìlì ìsọdipúpọ̀ ṣe iṣẹ́ àràárọ̀ nínú ọkọ̀ tí à ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Bí ìkìlọ̀ ṣe máa ń wọ aṣọ ìyìn, bẹ́ẹ̀ ni ìyìn náà máa ń wọ aṣọ ìkìlọ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, tísà kọ̀wé pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. A kò lọ jìnnà lónìí. Ìbéèrè mẹ́rin péré ló ṣe ní wákàtí kan. Ó ṣi méjì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló padà rí àṣìṣe ọ̀kan kí n tó sọ̀rọ̀." Ọkọ mi bínú, ó ní ṣé ìbéèrè mẹ́rin ni a ń sanwó lé lórí. Mo ní kí ó ka gbólóhùn ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ tí ó ń wo ojú ènìyàn kí ó tó kọ nǹkan ti wá ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ lẹ́sìnnì ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì rí ìyìn tí ó tó ìyẹn.

Mi ò ní kí òbí máa fura sí gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, ó ti rẹ tísà, inú ọkọ̀ ni ó ti ń tẹ̀wé, "ó ń gbìyànjú" kò sì ní ìtumọ̀ abẹ́nú kankan. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹyọ kan kò tó ẹ̀rí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ṣí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìtẹ̀léra. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a kò dárúkọ iṣẹ́ tuntun kankan, nígbà náà ni mo máa ń béèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé máàkì ni ó kọ, bíi 10 nínú 10, mo máa ń béèrè bóyá ọjọ́ tí ó kọ́ ọ gan-an ni ó ṣe ìbéèrè náà tàbí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí ohun tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ náà. Àyẹ̀wò tí mo ń ṣe fúnra mi náà ní ààlà: ìgbà kan wà tí ọmọ ti ń tòògbé, tí mo ní kí ó ṣe ìbéèrè márùn-ún, ó sì ṣi gbogbo rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba mẹ́rin nínú wọn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní, "Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá mà, mi ò dá sí i. Ìdá tó ní odidi nínú ló kù." Mo ní kí ó ya fọ́tò méjì tí kò gbà sí mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni 2 1/3 + 1 3/4. Ó ti ro odidi pọ̀, ó ti rí 12, ó ti sọ àwọn ìdá di 4/12 àti 9/12, ó wá kọ 3 13/12, ó sì fàlà sí i nídìí. Ó ku kí ó sọ ọ́ di 4 1/12.