Ogójì ìbéèrè tí mo fi dán ṣátíbọ́ọ̀tì wa wò kó tó jáde

Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú ni mo bá wọn ṣe ṣátíbọ́ọ̀tì orí Wásáàpù. Gbogbo ohun tí a bi í ló ń dáhùn wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a kọ́ ọ náà là ń bi í, a sì ti mọ ohun tó mọ̀.

Mo bá lọ tú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníbàárà ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀, mo yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò, mo sì ṣa ogójì tó le jù. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n gan-an ni mo fi wọ́n sílẹ̀, láìsí àmì ohùn. Ẹnì kan kọ "Eru mi da?" Bọ́ọ̀tì ní kó má fòyà rárá, pé kò séwu. Ó ka ẹrù sí ẹ̀rù! Àwa ìbá ti fi àmì sí i, a ò sì ní mọ̀ láéláé.

Lórí ìwé máàkì yín, ẹ kọ ìbéèrè, ẹ kọ ohun tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ ní, ẹ sì kọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹ tó bi bọ́ọ̀tì ní ohunkóhun. Tí ẹ bá kọ́kọ́ ka ìdáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn á mú yín ṣàánú rẹ̀. Máàkì 2 ni fún èyí tó pé, 1 fún èyí tó ku díẹ̀, 0 fún àṣìṣe. Èyí tó bá ṣe ìlérí tí ilé iṣẹ́ kò ṣe, mo fi bírò pupa sàmì sí i. Pupa kan ṣoṣo ti tó láti dá ìgbéjáde dúró, ohun yòówù kí àpapọ̀ máàkì jẹ́.

Ìbéèrè tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni èyí, tí mo fi àmì sí níhìn-ín kó lè rọrùn láti kà: "Akọ̀wé yín sọ lánàá pé ẹ máa dá owó mi padà torí ẹrù mi pẹ́. Ìgbà wo ni?" Ẹrù tó sọnù nìkan ni wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀tì ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tọrọ àforíjì, ó ní owó á wọlé láàárín ọjọ́ márùn-ún. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń bi í ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, máàkì tó kéré jù ni mo sì ń kọ sílẹ̀.

A fi òfin kún ìlànà tí a kọ fún bọ́ọ̀tì pé kó má dá sí ọ̀rọ̀ owó tí kò sí nínú ìwé ilé iṣẹ́. Ìbéèrè yẹn yege lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún bi gbogbo ogójì látìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé kò sọ iye owó ìfiránṣẹ́ mọ́, èyí tó wà nínú ìwé kedere. Gbogbo ènìyàn ló ń darí sí ọ́fíìsì. Mẹ́rin tó ti gba 2 já sí 0. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá yí gbólóhùn kan péré padà, ẹ bi gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tó ku ọ̀la kí bọ́ọ̀tì jáde, pupa méjì ṣì wà, ọ̀rọ̀ ẹrù tó sọnù sì ni méjèèjì. A gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ bọ́ọ̀tì. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ní ẹrù òun sọnù, akọ̀wé ọ́fíìsì ló ń dá a lóhùn.